BÍ Ẹ̀RỌ ÌRÒPỌ̀ ÀBỌ̀ MÉJÌ ṢE Ń DI ẸYỌ KAN KÍKÚN

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò tíì dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké rí kí ó sì fi ẹfun kọ 27 àti 15 sára pátákó, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. A máa ń wí fún wọn pé, “7 àti 5 jẹ́ 12, ẹ kọ 2 sílẹ̀, ẹ gbé 1 lọ.” Lẹ́yìn èyí a ó bọ́ sí ipò ẹ̀wá, a ó wí pé, “2 àti 1 jẹ́ 3, pẹ̀lú 1 tí a gbé wá, ó di 4.” Bí ọmọ kan bá gbàgbé 1 tí a gbé wá, 32 ni yóò kọ dípò 42. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi: ní ipò kìíní, nọ́mbà méjì péré ni ọmọ náà ní láti rò pọ̀, ṣùgbọ́n ní ipò kejì, nọ́mbà mẹ́ta ni. Ẹ̀rọ tí ó lè ro méjì pọ̀ ni mo ń pè ní ẹ̀rọ ìròpọ̀ àbọ̀. Èyí tí ó lè ro mẹ́ta pọ̀ ni ẹ̀rọ ìròpọ̀ kíkún. Mo fẹ́ fi hàn yín bí a ti ń fi àbọ̀ méjì ṣe ẹyọ kan kíkún, àti bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò títí a ó fi mọ̀ dájú pé kò purọ́ fún wa.

Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn oníṣòwò ń tẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ìka mẹ́wàá bí àwa. Wáyà ni wọ́n ní, wáyà kan a sì máa wà ní ọ̀kan nínú ipò méjì: yálà iná wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Bí iná bá wà, a pè é ní 1. Bí kò bá sí, a pè é ní 0. Nítorí náà, bí ìkà wọn bá dé 1 ó ti kún nìyẹn. Ipò tí ó tẹ̀lé ti ẹyọ kì í ṣe ti ẹ̀wá bí kò ṣe ti méjì. Èyí tí ó tún tẹ̀lé e jẹ́ ti mẹ́rin, lẹ́yìn náà ti mẹ́jọ. Báyìí ni a fi ń kọ méjì ní 10, mẹ́ta ní 11, àti mẹ́rin ní 100. Bí a bá ro 1 mọ́ 1, a kò lè kọ 2 sílẹ̀, nítorí irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìkà yìí rárá. A ó kọ 0 sílẹ̀, a ó sì gbé 1 lọ. Ìyókù kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a pe nọ́mbà méjì tí ó wọlé ní A àti B. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí tí a kọ sílẹ̀ ní S, kí a sì pe èyí tí a gbé lọ ní L. Nítorí pé A àti B kò lè ju 0 tàbí 1 lọ, ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n lè gbà pàdé. A lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú àtẹ kékeré kan, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àtẹ òtítọ́:

```
A B | L S
0 0 | 0 0
0 1 | 0 1
1 0 | 0 1
1 1 | 1 0
```

Ẹ wo ìlà òòró ti L. Ìlà ìkẹyìn nìkan ni 1 wà níbẹ̀, níbi tí A jẹ́ 1 tí B náà sì jẹ́ 1. Ohun èlò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: wáyà méjì wọ inú rẹ̀, ọ̀kan sì jáde, iná kì í sì í jáde àfi bí iná bá wà nínú àwọn méjèèjì tí ó wọlé. A ń pè é ní ẹnu-ọ̀nà ÀTI. Nísinsìnyí ẹ wo ìlà òòró ti S. Ó jẹ́ 1 nígbà tí ọ̀kan ṣoṣo nínú A àti B bá jẹ́ 1; bí méjèèjì bá jẹ́ 1, ó padà di 0. Ohun èlò tí ń ṣe èyí ni èmi yóò pè ní ẹnu-ọ̀nà ỌKAN-ṢOṢO. Ẹ fi A àti B sí ẹnu-ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ìròpọ̀ àbọ̀ ti parí: ỌKAN-ṢOṢO fún wa ní S, ÀTI fún wa ní L. Ẹnu-ọ̀nà kẹta tí a ó tún lò láìpẹ́ ni TÀBÍ. Òun a máa jẹ́ kí iná jáde bí ọ̀kan bá ní iná tàbí bí méjèèjì bá ní in.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, àti pẹ̀lú tàbí, ti di ìṣirò láti ìgbà tí George Boole ti kọ ìwé rẹ̀ lórí òfin ìrònú ní ọdún 1854. Ṣùgbọ́n ó tó ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ kí Claude Shannon tó fi hàn, nínú ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, pé súìṣì iná ń tẹ̀lé ìṣirò kan náà. Ní ọdún 1937, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ George Stibitz, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Bell, kó àwọn rílè tí ilé-iṣẹ́ náà ti sọ nù lọ sí ilé. Rílè ni súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń tì. Ó fi wọ́n pẹ̀lú bátìrì, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti páńda tí ó gé lára agolo tábà ṣe ẹ̀rọ kan tí ó lè ro ẹyọ kan mọ́ ẹyọ kan, bí a ti ṣe é lókè yìí. Orí tábìlì ilé ìdáná ni ó ti ṣe é, nítorí náà ni a fi pè é ní Mọ́dẹ́ẹ̀lì K, nítorí lẹ́tà yẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé ìdáná ní èdè wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí kò sí ohun kan nínú ẹrù Stibitz, yàtọ̀ sí rílè, tí a kò lè rí ní ọjà tí ó súnmọ́ wa.

Èéṣe tí a fi ń pè é ní àbọ̀? Nítorí pé kò lè jókòó ní ipò kejì. Níbẹ̀ ni A àti B ti ipò náà wà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a gbé wá láti ipò kìíní náà sì ti dé. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹni kẹta yìí ní G. Ẹ̀rọ àbọ̀ kò ní ilẹ̀kùn tí G lè gbà wọlé. Bí a bá fi ṣe ìṣirò ní ipò kejì, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ó kọ 32 ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọgbọ́n tí a ó dá kò ju èyí tí àwa tìkára wa ń dá nígbà tí a bá ń ro nọ́mbà mẹ́ta pọ̀. Kò sí ẹni tí ń ro mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A óò ro méjì pọ̀ ná, a óò sì wá ro ẹ̀kẹta mọ́ ọn. Nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rọ àbọ̀ kìíní kalẹ̀, ẹ fi A àti B sí i. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni a ó pè ní S1, ohun tí ó gbé lọ ni L1. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹ̀rọ àbọ̀ kejì kalẹ̀, ẹ mú S1 láti ara ti ìṣáájú, kí ẹ sì fi S1 pẹ̀lú G sí i. Ohun tí èkejì yìí kọ sílẹ̀ ni S tòótọ́, èyí tí a ó kọ sábẹ́ ipò náà. Ohun tí òun náà gbé lọ ni L2.

Títí dé ibí yìí ọ̀nà náà tẹ́jú. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí àgbélọ méjì ni ó wà lọ́wọ́ wa, L1 àti L2, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ lọ sí ipò tí ó kàn. Ìwé a máa sọ pé kí a fi ẹnu-ọ̀nà TÀBÍ so wọ́n pọ̀, a sì máa kọjá lọ bí ẹni pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo ya àwòrán yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan, kò jẹ́ kí n kọjá. Ó ní, “Ìwọ náà rò ó wò. Bí L1 bá jẹ́ 1, tí L2 náà sì jẹ́ 1, ohun méjì ni a ní láti gbé lọ. TÀBÍ yóò sì fún ọ ní ẹyọ kan. Ta ni ó jẹ 1 kejì?” Ìbéèrè rere ni, mo sì gbà pé ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀ kò tíì mọ ẹ̀rọ yìí, bí ó tilẹ̀ lè yàwòrán rẹ̀ láìwo ìwé.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Kí L1 tó lè jẹ́ 1, A àti B gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí A àti B bá jẹ́ 1 méjèèjì, S1 yóò jẹ́ 0, bí ìlà ìkẹyìn àtẹ àkọ́kọ́ wa ti wí. S1 yìí sì ni ó wọ inú ẹ̀rọ kejì. Kí L2 tó lè jẹ́ 1, S1 gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nítorí náà ohun kan náà tí ó tan L1 ni ó pa L2. Àwọn méjèèjì kò lè tàn pọ̀ láé. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a fi lè rí i láìwo wáyà kankan: A, B àti G kò lè ju 3 lọ bí gbogbo wọn bá jẹ́ 1. Bí àgbélọ méjì bá wáyé ní ipò kan, 4 ni ó kéré jù tí àròpọ̀ ipò náà lè jẹ́. Níbo ni 4 yóò ti wá láti inú ẹyọ mẹ́ta? Ọ̀rẹ́ mi gbà, kò sì sí 1 kankan tí ó ṣòfò.

Láti inú ìdáhùn yìí ni àǹfààní kan ti jáde tí èmi kò rí nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kà. TÀBÍ àti ỌKAN-ṢOṢO kò yàtọ̀ sí ara wọn rárá, àfi nígbà tí wáyà méjèèjì tí ó wọlé bá jẹ́ 1. Bí ó ti jẹ́ pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í dé bá L1 àti L2, ẹni tí kò ní TÀBÍ lọ́wọ́ lè fi ỌKAN-ṢOṢO rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí owó wà nínú rẹ̀, bí a ó ti rí i.

Nísinsìnyí a dé ibi ìyẹ̀wò. Ohun mẹ́ta ni ó ń wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, nítorí náà ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n lè gbà pàdé, kò lé, kò dín. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni láti kọ ohun tí ó yẹ kí ẹ̀rọ náà wí, láìtíì wo ẹ̀rọ náà. Ẹ ka iye 1 tí ó wà nínú A, B àti G. Bí kò bá sí rárá, L àti S jẹ́ 00. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, 01. Bí ó bá jẹ́ méjì, 10. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, 11. Ìṣirò lásán ni èyí, ọmọ tí ó bá mọ kíkà lè ṣe é. Mo ti rí àwọn kan tí ń tọ wáyà lẹ́yìn láti kọ àtẹ wọn, tí wọ́n sì tún fi àtẹ náà yẹ wáyà kan náà wò. Ó bá ara mu, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí àti ẹni tí a fi sùn ti di ènìyàn kan.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá tọ inú ẹ̀rọ lọ láti ìlà dé ìlà, kí a sì kọ ohun tí ó wà lórí gbogbo wáyà, ti inú àti ti òde:

```
A B G | S1 L1 | S L2 | L
0 0 0 | 0  0  | 0 0  | 0
0 0 1 | 0  0  | 1 0  | 0
0 1 0 | 1  0  | 1 0  | 0
0 1 1 | 1  0  | 0 1  | 1
1 0 0 | 1  0  | 1 0  | 0
1 0 1 | 1  0  | 0 1  | 1
1 1 0 | 0  1  | 0 0  | 1
1 1 1 | 0  1  | 1 0  | 1
```

Ẹ jẹ́ kí a jọ tọ ìlà kẹrin. A jẹ́ 0, B jẹ́ 1: ẹ̀rọ àbọ̀ kìíní kọ 1 sílẹ̀, kò sì gbé ohunkóhun lọ, nítorí náà S1 jẹ́ 1, L1 jẹ́ 0. S1 yìí pàdé G tí ó jẹ́ 1: ẹ̀rọ kejì kọ 0 sílẹ̀, ó gbé 1 lọ. TÀBÍ rí 0 àti 1, ó sì mú 1 jáde. L jẹ́ 1, S jẹ́ 0, èyí sì ni méjì. Iye 1 tí ó wọlé náà jẹ́ méjì. Ní ìlà kẹjọ, A àti B mú kí S1 jẹ́ 0 àti L1 jẹ́ 1. S1 tí ó jẹ́ 0 pàdé G tí ó jẹ́ 1, S di 1, L2 sì jẹ́ 0. L jẹ́ 1. Àròpọ̀ jẹ́ 11, èyí tí í ṣe mẹ́ta. Ìlà mẹ́fà ìyókù kò ní wàhálà, ẹnikẹ́ni lè fi ìka tọ̀ wọ́n. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìlà òòró ti L1 àti ti L2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kò sí ìlà kan tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ 1 pọ̀. Ohun tí a fi ẹnu sọ fún ọ̀rẹ́ mi ni ojú rí yìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án lè ṣe é pẹ̀lú ṣíìpù mẹ́ta: 74HC86 tí ó ní ẹnu-ọ̀nà ỌKAN-ṢOṢO mẹ́rin nínú, 74HC08 tí ó ní ÀTI mẹ́rin, àti 74HC32 tí ó ní TÀBÍ mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ 14. Iná ń gba ẹsẹ̀ 14 wọlé; ẹsẹ̀ 7 ni a ó so mọ́ ìdí bátìrì. Irú ṣíìpù yìí a máa ṣiṣẹ́ láti fóòtì 2 títí dé 6, nítorí náà bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí a tò léra, tí í ṣe fóòtì 4.5, ti tó fún un. Lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ 1 àti 2 ni ọ̀nà ìwọlé ẹnu-ọ̀nà kìíní, ẹsẹ̀ 3 sì ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Ẹsẹ̀ 4 àti 5 wọ ẹnu-ọ̀nà kejì, ó sì jáde ní ẹsẹ̀ 6. Nítorí náà A àti B yóò lọ sí ẹsẹ̀ 1 àti 2 ti 86 àti ti 08 bákan náà. Ẹsẹ̀ 3 ti 86 ni S1. Ẹ mú un lọ sí ẹsẹ̀ 4 ti àwọn méjèèjì, kí ẹ sì mú G lọ sí ẹsẹ̀ 5 wọn. S yóò jáde ní ẹsẹ̀ 6 ti 86. L1 àti L2 yóò jáde ní ẹsẹ̀ 3 àti 6 ti 08, a ó sì mú wọn lọ sí ẹsẹ̀ 1 àti 2 ti 32, kí L lè jáde ní ẹsẹ̀ 3 rẹ̀. Iná kékeré kan pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 1000 óòmù ni kí ẹ so mọ́ S, kí ẹ so òmíràn mọ́ L.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ṣíìpù mẹ́ta kò ní láti rà ju méjì lọ. ỌKAN-ṢOṢO méjì ṣẹ́kù nínú 86 tí a kò lò. Kí ó mú L1 àti L2 lọ sí ẹsẹ̀ 9 àti 10 rẹ̀, L yóò sì jáde ní ẹsẹ̀ 8. Èyí ni owó tí mo wí lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan tí ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni wáyà tí a fi sílẹ̀ ní àìsomọ́. Wọ́n rò pé wáyà tí kò kan iná jẹ́ 0. Kò rí bẹ́ẹ̀. 0 túmọ̀ sí pé a so ó mọ́ ìdí bátìrì. Wáyà tí kò so mọ́ ibì kankan kì í ṣe 0, kì í ṣe 1. Iná lè máa tàn kí ó sì máa kú bí ọwọ́ bá ti ń súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má ṣe dá ṣíìpù lẹ́bi. Ẹ so gbogbo ọ̀nà ìwọlé tí a kò lò mọ́ ìdí bátìrì, ìjayà náà yóò sì dópin.

Àṣìṣe tí ó wu mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí kò jayà rárá. Ẹ wo ẹsẹ̀ 4 ti 08, níbi tí S1 yẹ kí ó dé. Ká ní ẹni tí ń so wáyà mú A lọ síbẹ̀ dípò S1. Ihò wọn súnmọ́ ara wọn, ó sì rọrùn láti ṣì í. Ẹ̀rọ náà yóò tàn, yóò sì máa dáhùn. S yóò tọ̀nà ní ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, nítorí 08 kò ní ọwọ́ nínú S. L yóò tọ̀nà ní ìlà méje. Ní ìlà kẹrin nìkan, níbi tí A ti jẹ́ 0 tí B àti G sì jẹ́ 1, ni L yóò ti jẹ́ 0 nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ 1. Ẹni tí ó bá yẹ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò tí ó sì wí pé ó tó, ó lè máà dé ìlà náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ aláṣìṣe yìí sí ipò kejì, kí ẹ̀rọ àbọ̀ kan tí ó dára wà ní ipò kìíní, kí a sì fi wọ́n ṣe ìṣirò. Kí A jẹ́ 3, tí í ṣe 11, kí B jẹ́ 1, tí í ṣe 01. Ní ipò kìíní, 1 àti 1: a kọ 0, a gbé 1 lọ. Ní ipò kejì A jẹ́ 1, B jẹ́ 0, G jẹ́ 1: wáyà tí a ṣì so rí 1 lára A, gẹ́gẹ́ bí yóò ti rí i lára S1, L sì jẹ́ 1. Ìdáhùn jẹ́ 100, mẹ́rin, ó pé. Nísinsìnyí ẹ yí wọn padà: kí A jẹ́ 1, kí B jẹ́ 3. Ipò kìíní kò yàtọ̀. Ní ipò kejì A jẹ́ 0, B jẹ́ 1, G jẹ́ 1. S jẹ́ 0 bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n wáyà náà rí 0 lára A, L2 kú, L1 náà jẹ́ 0, kò sì sí ohun tí a gbé lọ. Ìdáhùn jẹ́ 000. Ẹ̀rọ yìí wí pé 3 àti 1 jẹ́ 4, ṣùgbọ́n 1 àti 3 jẹ́ òfo! Nínú ìṣirò mẹ́rìndínlógún tí a lè fi 0, 1, 2 àti 3 ṣe, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbà, ọ̀kan yìí nìkan ni yóò kùnà. Bí ọmọ kan bá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́rìndínlógún a ó yìn ín. Ẹ̀rọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, a kò lè fi ka owó ilé ìwé.

Bí ẹ bá pàdé irú àrùn yìí, ìlà tí ó kùnà ni yóò tọ́ka sí ojú egbò. S kò ní àbùkù, nítorí náà ẹ fi 86 sílẹ̀. Ìlà méjì tí L1 ti yẹ kí ó jẹ́ 1, ìyẹn keje àti ìkẹjọ, tọ̀nà. Ẹ fi ẹnu-ọ̀nà ÀTI kìíní sílẹ̀ pẹ̀lú. L2 ni ó kù. Ẹ fi A, B àti G sí ipò ìlà kẹrin kí ẹ má sì tú wọn, kí ẹ wá fi iná kékeré kan ìdí L2: ó kú. Ẹ kan ọ̀nà ìwọlé rẹ̀ méjèèjì: ẹsẹ̀ 5 ní iná, ẹsẹ̀ 4 kò ní. S1 fúnra rẹ̀ ńkọ́, ní ẹsẹ̀ 3 ti 86? Ó ní iná. Nítorí náà ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ 4 kì í ṣe S1, a sì ti mú olè.

Ohun kan tún wà níhìn-ín tí ó yà mí lẹ́nu. Nínú ẹ̀rọ aláṣìṣe yẹn, ní ìlà kẹjọ, A jẹ́ 1 àti G jẹ́ 1, nítorí náà L2 yóò tàn, L1 náà sì ti tàn tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tí a ní wọn kò lè tàn pọ̀ láé ti tàn pọ̀. Ṣùgbọ́n TÀBÍ bò wọ́n láṣìírí, nítorí 1 kan ṣoṣo ni ó mú jáde, 1 sì ni a ń retí. Bí ó bá jẹ́ pé ỌKAN-ṢOṢO ni a fi so wọ́n pọ̀, L ì bá di 0 níbẹ̀, ìlà méjì ni ì bá sì kùnà dípò ẹyọ kan. Nítorí èyí ni mo fi kọ ìlà òòró ti inú sínú àtẹ ńlá wa, tí n kò fi mọ sí A, B, G, S àti L nìkan. Ẹ so iná sí L1 àti L2 pẹ̀lú nígbà ìyẹ̀wò, kí ẹ sì yọ wọ́n lẹ́yìn náà.

Bí a bá ti yẹ ẹ̀rọ kíkún kọ̀ọ̀kan wò báyìí ní ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a lè tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àbọ̀ ní ipò kìíní, kíkún ní ìyókù, L ti ọ̀kan di G ti èyí tí ó kàn. Ipò mẹ́rin lè ro nọ́mbà láti 0 dé 15 pọ̀, ìṣirò 256 ni ó sì wà níbẹ̀ bí a bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀. Ipò kan kò lè dáhùn títí àgbélọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dé, ipò kọ̀ọ̀kan sì ń fi ẹnu-ọ̀nà méjì kún ìrìn rẹ̀, ÀTI kejì àti TÀBÍ. Ní ipò mẹ́rin a kò lè fi ojú rí ìdádúró náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ oní-ipò 64, àgbélọ tí ó bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gbọ́dọ̀ la ẹnu-ọ̀nà 127 kọjá, nítorí náà ni àwọn tí ń ṣe ṣíìpù fi ń wá ọ̀nà àbùjá fún un. Irú èyí ni ó wà nínú 74HC283, tí ó ní ipò mẹ́rin nínú.

Àtẹ ìlà mẹ́jọ kò sì lè sọ ohunkóhun fún wa nípa wáyà tí ó lọ láti ipò kan dé èkejì, nítorí ó wà lóde ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù fún wọn ni 15 àti 1, tí í ṣe 1111 àti 0001. Àgbélọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ipò kìíní, yóò sì rìn la gbogbo ipò kọjá. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà nísàlẹ̀ yóò kú, ìkarùn-ún nìkan ni yóò tàn. Bí ọ̀kan nínú wáyà ọ̀nà náà bá já, ibi tí ó ti já ni iná kò ti ní í kú. Lẹ́yìn náà ẹ gbé 1 sí ọ̀dọ̀ A, ẹ gbé 15 sí ọ̀dọ̀ B, kí ẹ sì tún un ṣe.